Kílíáráǹsì owó orí ọdún mẹ́ta: 2022 mi ṣófo lójú kọ̀ǹpútà

Télọ̀ Ọ̀fà

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan yọjú tí mo fẹ́ du, wọ́n ní kí n mú kílíáráǹsì owó orí ọdún mẹ́ta wá, 2022 sí 2024. Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan n'Ílọrin títí dé Disẹ́ḿbà 2023, ₦85,000 l'óṣù, wọ́n sì ń yọ owó orí nínú rẹ̀. Láti Jánúárì 2024 ni mo ti ń ránṣọ. Mo dé ọ́fíìsì owó orí, wọ́n tẹ nọ́mbà TIN mi: 2022 ṣófo, 2023 gbé ₦61,100, 2024 gbé ₦40,000, bẹ́ẹ̀ ₦72,000 ni mo san fún 2024. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, kí n to ìwé mi mọ́ ọn. Kí ni kí n kọ, ìwé wo ni kí n tò? Òní 15 Sẹ̀tẹ́ḿbà 2025, ọjọ́ 6 Òkìtóbà ni wọn ò ní gba ìwé mọ́.

---

Alákáǹtì Tankẹ

Àǹtí, kí lẹ ń wá dé ọ́fíìsì? Ẹ wọ TaxPro Max, ẹ tẹ TIN yín, ẹ ní kí ó fún yín ní kílíáráǹsì. Tèmi kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lọ́dún yìí. Ìdí tábìlì mi ni mo jókòó sí.

---

Alájàpá Ìpàtà

Ẹ má dá a lóhùn, ọmọ kọ̀ǹpútà ni. Ohun tí mo ṣe ní tèmi nìyí: gbogbo rìsíìtì tí mo ní pátá ni mo kó lọ. Ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún, ti ilẹ̀ gbígbá. Mo fi báàgì náílọ̀n kan gbé e. Wọ́n rí i pé mo ń san nǹkan, wọ́n fún mi.

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ẹ̀yin méjèèjì ká, torí ẹ fẹ́ gbé télọ̀ wa gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Alákáǹtì, kọ́ńpìnì ni ìwọ ní. Kọ́ńpìnì tó ní "Límítẹ́ẹ̀dì" lẹ́yìn orúkọ, ọ̀dọ̀ àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ ni kílíáráǹsì rẹ̀ ti ń jáde, òun lo ń wò lórí TaxPro Max. Ẹni tó ń dá ṣòwò, ì báà fi orúkọ ìṣòwò sílẹ̀ l'Ábújá, èèyàn ló ṣì jẹ́. Ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé Ọ̀fà, Àjọ Agbowó-Orí Ìpínlẹ̀ Kwara nìyẹn. Tí ó bá tẹ TIN rẹ̀ síbi tí o wí yẹn, kò ní bá ohun tó ń wá níbẹ̀.

Alájàpá, mo mọ̀ pé wọ́n fún yín, àmọ́ mo lè fi ọrùn mi dúró pé rìsíìtì owó orí gan-an wà nínú báàgì yẹn, òun ló ṣiṣẹ́. Owó ọjà, owó ìjọba ìbílẹ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe owó orí lórí èrè. Ẹ lè kó ogójì wọn lọ, ìlà owó orí tó ṣófo kò ní kún. Owó ṣọ́ọ̀bù wúlò níbì kan ṣá: ó ń fi hàn pé lóòótọ́ lẹ ní ṣọ́ọ̀bù, àti ìgbà tí ẹ ṣí i. Ẹ fi ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀ fáìlì, ó tó.

Ó wá ku ẹ̀yin télọ̀. Ohun tí akọ̀wé tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yẹn ń wá kò ju nǹkan mẹ́ta lọ fún ọdún kọ̀ọ̀kan: ẹ sọ iye tó wọlé fún yín, wọ́n sọ iye owó orí tó kàn yín, owó náà sì wọlé lórúkọ yín. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe déédéé, ọdún yẹn tán. Ti 2024 rọrùn láti tún ṣe. 2022 ni iṣẹ́ wà. Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè méjì kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú: ṣé ẹ ṣì ní péésílíìpù ilé-ẹ̀kọ́ yẹn? Báwo lẹ ṣe san ₦72,000 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni tàbí ẹ̀ẹ̀mejì?

---

Kọ̀ńtírátọ̀ Gáà Àkàǹbí

Télọ̀, má da ara rẹ láàmú. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ló kù fún ọ. Ní kí wọ́n ṣírò owó 2022, san án, gba ìwé rẹ, kí o lọ gba iṣẹ́. Ohun tí èmi ṣe ní 2021 nìyẹn. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ owó orí mi mọ́lẹ̀, mo tún un san. Mo ní màá gba owó mi padà lọ́wọ́ ọ̀gá náà. Títí di òní, n kò rí kọ́bọ̀. Àmọ́ mo gba iṣẹ́ yẹn.

---

Télọ̀ Ọ̀fà

Ẹ ṣé, bàbá. Péésílíìpù wà, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti 2022 pé méjìlá. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti Jún 2022, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni: owó oṣù 85,000, owó orí 4,700, tó kù 80,300. Iye yẹn náà ló ń wọ báńkì mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san ti 2024. Mo mú fọ́ọ̀mù lọ ní 24 Màáṣì ọdún yìí, mo san ₦40,000 lọ́jọ́ náà. ₦32,000 tó kù, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo rán sí báńkì ní 30 Méè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo tẹ́là yẹn báyìí. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló kọ síbẹ̀. Kò kọ TIN kankan.

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Ọmọ kọ́ṣẹ́ yẹn ló gbé ₦32,000 sọnù, kì í ṣe ìjọba. Owó náà wà níbì kan nínú àpò wọn, wọn kò kàn mọ ẹni tó ni ín ni. Ẹ mú tẹ́là náà lọ, ẹ béèrè pé kí wọ́n gbé e wá sábẹ́ TIN yín, kí wọ́n sì fún yín ní rìsíìtì ìjọba fún un. Tẹ́là kì í ṣe rìsíìtì. Tẹ́là ń sọ pé báńkì gba owó. Rìsíìtì ìjọba ń sọ ẹni tó san án, irú owó tó jẹ́, àti ọdún tó wà fún. Èyí tó ń yọjú lójú kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti 2022 ká mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn yọ iye tó yẹ. ₦85,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦1,020,000. Òfin ní kí wọ́n fi ₦200,000 sílẹ̀ fún yín, pẹ̀lú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó náà, ìyẹn ₦204,000. Ó ku ₦616,000 tí owó orí máa wà lórí rẹ̀. ₦300,000 àkọ́kọ́, náírà méje lórí ọgọ́rùn-ún: ₦21,000. ₦300,000 tó tẹ̀lé e, náírà mọ́kànlá: ₦33,000. ₦16,000 tó ṣẹ́kù, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ₦2,400. Gbogbo rẹ̀ ₦56,400. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦4,700 géérégé. Ẹni tó ń ṣírò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ owó mọ́lẹ̀. N kò rò pé ọ̀ràn yín jọ ti Kọ̀ńtírátọ̀.

Ní oṣooṣù, ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ti gbé owó náà lọ kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìwé tó to orúkọ òṣìṣẹ́ sí ìlà, iye kọ̀ọ̀kan níwájú orúkọ. Tí ọdún bá wá parí, wọ́n á fi Fọ́ọ̀mù H1 to ti gbogbo ọdún náà pọ̀, kí ó wọlé kó tó di 31 Jánúárì. Tí owó bá lọ láìsí ìwé orúkọ, tàbí tí orúkọ yín wà níbẹ̀ láìsí TIN, owó náà wà lórúkọ ilé-ẹ̀kọ́, tiyín á ṣófo. Òun lẹ máa lọ wádìí. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú owó níbẹ̀, kì í ṣe púrínsípà, púrínsípà á kàn ní kí ẹ padà wá. Ẹ gba fótókọ́pì ojú ewé H1 2022 tí orúkọ yín wà, àti rìsíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ńtírátọ̀, n kò bá ọ jà, ó mọ ọjọ́ tó kù. Àmọ́ owó tí ọ̀gá bá ti yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá ni òfin ní kó dáhùn fún un. Ẹni tó bá sáré tún un san ti gba gbèsè ọ̀gá rẹ̀ rù.

---

Kọ̀ńtírátọ̀ Gáà Àkàǹbí

Bàbá, òfin ò sanwó ilé mi. Tí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹfà, ṣé òfin lá jọ máa ránṣọ?

---

Alákáǹtì Tankẹ

Mo tọrọ àforíjì lórí TaxPro Max. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí: ṣebí Ààrẹ ti bu ọwọ́ lu òfin owó orí tuntun ní Jún? Ẹni tí èrè rẹ̀ kò bá kọjá ₦800,000 kò ní san nǹkan kan mọ́. Tí ẹ bá yọ gbogbo ìyọkúrò, 2022 àǹtí wa jẹ́ ₦616,000. Kí ló tún kù tó ń san?

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Ìdajì òtítọ́ lo mú wá. Òfin náà wà, ₦800,000 náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n 1 Jánúárì 2026 ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í padà sẹ́yìn lọ pa gbèsè 2022 rẹ́. Lábẹ́ òfin tuntun, wọ́n á yọ ₦200,000 àti ìdá ogún yẹn kúrò pátápátá, ₦800,000 ni wọ́n á fi rọ́pò wọn, tí ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ka méjèèjì pọ̀ bí o ṣe kà á yẹn. Àní tí a bá tilẹ̀ fi òfin tuntun wo owó oṣù rẹ̀, ₦1,020,000 ló máa dúró níwájú ₦800,000.

Ẹni tí owó orí kò kàn náà lè gba kílíáráǹsì o. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí owó orí tó kàn án. Kí owó orí máà kan èèyàn kò túmọ̀ sí pé kó má fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

---

Tíṣà Ẹ̀rìn-Ilé

Ẹ dákun, mo yà sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀rìn-Ilé ni mò ń gbé, Òkukù ní Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Ọ̀ṣun ni ilé-ẹ̀kọ́ ń san owó orí mi sí láti ọdún márùn-ún. Ìjọba ìbílẹ̀ wa fẹ́ fi mí sí ìgbìmọ̀ kan, wọ́n ní kí n mú kílíáráǹsì Kwara wá. Ṣé mo jẹ Kwara ní gbèsè ọdún márùn-ún ni?

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Tíṣà, ibi tí ẹ ń sùn ni òfin ń wò, ibi tí ilé yín wà lọ́jọ́ kìíní ọdún, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Kwara ló yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ yín máa san tiyín sí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti san án síbì kan, kò yẹ kí ẹ san án lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà, àmọ́ ìpínlẹ̀ méjì ló máa sọ ọ́ láàárín ara wọn, mo sì ti rí irú rẹ̀ tó pẹ́ gan-an kó tó tán. Ẹ gba kílíáráǹsì Ọ̀ṣun ná, ẹ mú un lọ bá Kwara. Ẹ ṣí ìjíròrò tiyín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má baà da ti télọ̀ rú.

---

Télọ̀ Ọ̀fà

Bàbá, mo fẹ́ kọ lẹ́tà náà lálẹ́ òní. Ọ̀la ni mò ń lọ Ìlọrin.

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Ó dára. Èdè òyìnbó ni ẹ máa kọ ọ́ sí, mo kọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń sọ. Kí ó má kọjá ojú ewé kan.

*Sí Alága, Àjọ Agbowó-Orí Ìpínlẹ̀ Kwara, Ìlọrin.*

*Ìbéèrè fún ìwé kílíáráǹsì owó orí, ọdún 2022, 2023 àti 2024. TIN: (nọ́mbà yín).*

*Mo ń béèrè ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí. Òṣìṣẹ́ ni mí ní 2022 àti 2023. Láti Jánúárì 2024 ni mo ti ń dá iṣẹ́ aṣọ ṣe l'Ọ́fà.*

*2022: owó oṣù ₦1,020,000, owó orí tí wọ́n yọ ₦56,400. Mo so mọ́ ọn: ojú ewé Fọ́ọ̀mù H1 ilé-iṣẹ́ mi, rìsíìtì tí wọ́n fi san án, péésílíìpù méjìlá, sítémẹ́ǹtì báńkì Jánúárì sí Disẹ́ḿbà.*

*2023: owó oṣù ₦1,020,000, owó orí ₦56,400. Mo so mọ́ ọn: ojú ewé Fọ́ọ̀mù H1, péésílíìpù méjìlá.*

*2024: èrè iṣẹ́ aṣọ ₦(iye tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù), owó orí ₦72,000. Mo so mọ́ ọn: Fọ́ọ̀mù A tí mo fi sílẹ̀ ní 24 Màáṣì 2025 pẹ̀lú sítáǹpù ìgbàwọlé, ìwé ìṣírò owó orí, rìsíìtì ₦40,000 ti 24 Màáṣì, tẹ́là ₦32,000 ti 30 Méè tó wọlé lórúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gbé èyí tó kẹ́yìn wá sábẹ́ TIN mi.*

Ó parí. Ẹ má kọ ìtàn sí i, ẹ má sọ̀rọ̀ kọ̀ǹtíráàtì, ẹ má bẹ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́mbà sí igun ìwé kọ̀ọ̀kan, kí nọ́mbà náà bá ti lẹ́tà mu, kí ẹni tó ń ka á má baà máa tú fáìlì. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu sítáǹpù àti ọjọ́ mọ́ tiyín. Òfin owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìsọ̀rí 85, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fún yín tàbí kí wọ́n sọ ìdí tí wọn kò fi fún yín. Láìsí sítáǹpù lórí tiyín, kò sí ọjọ́ tí ẹ máa kà á sí.

---

Alájàpá Ìpàtà

Wọ́n á ní kí ó san ti 2025 kí wọ́n tó fún un. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Ìsọ̀rí kan náà ló ní kí wọ́n má fi owó ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ṣe ìdíwọ́ fún ọdún mẹ́ta tó ti kọjá, àfi tí ẹni náà bá ń kúrò ní Nàìjíríà pátápátá. Ọ̀fà kò tíì di òkè òkun.

---

Kọ̀ńtírátọ̀ Gáà Àkàǹbí

Ẹ ka ìsọ̀rí 85 fún ẹni tó wà nídìí kàńtà kí ẹ wo ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ó san díẹ̀ lára 2025, kó san án. Gbèsè tó máa san náà ni lọ́dún tó ń bọ̀.

---

Télọ̀ Ọ̀fà

Ẹ kú àná. Mo lọ.

Ẹni tó ń tọ́jú owó ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kò kúrò. Ó gbé fáìlì 2022 jáde, eruku rẹ̀ mú wa sín. Orúkọ mi wà nínú H1, ìlà kẹrìnlá, àmọ́ orúkọ bàbá mi ni, ibi TIN sì ṣófo. Ó ní ní ìgbà yẹn wọn kì í béèrè TIN. Láti Jánúárì 2023 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sí ìwé oṣooṣù, ìgbà yẹn náà ni mo sì fún wọn ní orúkọ ọkọ. Ó bá mi ṣe fótókọ́pì rìsíìtì wọn.

Mo fi ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra kóòtù lé e, mo mú gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n gba lẹ́tà, wọ́n lu sítáǹpù: 17 Sẹ̀tẹ́ḿbà. Wọ́n gbé ₦32,000 bọ̀ sípò lójú mi. Àmọ́ ti 2022, rìsíìtì mọ́kànlá ló wà nínú fáìlì náà. Ti Disẹ́ḿbà kò sí. Wọ́n ní kí n lọ wá ₦4,700 yẹn.

Ṣé kí n san án? ₦4,700 péré ni, aṣọ méjì ni.

---

Kọ̀ńtírátọ̀ Gáà Àkàǹbí

San án. Kí lo tún ń béèrè?

---

Akọ̀wé Àtijọ́

Ẹ má tíì san án! Ẹ padà lọ ka ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojú mi fò ó. Ẹ ní 2023 gbé ₦61,100. A ṣírò ọdún kan, ₦56,400 ló fún wa. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì.

Owó Disẹ́ḿbà 2022, Jánúárì 2023 ni wọ́n máa gbé e lọ, kó tó di ọjọ́ kẹwàá. Ẹni tó ń tọ́jú owó sì ní Jánúárì yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ TIN. Fáìlì 2023 ni kó wá rìsíìtì náà sí. Ẹ ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí owó wọlé fún yín lábẹ́ 2023 ní ọ́fíìsì.

---

Télọ̀ Ọ̀fà

Mo pe ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù. Ó kà á fún mi. Mẹ́tàlá ni. Àkọ́kọ́ wọlé ní 9 Jánúárì 2023, ₦4,700. Ó ní kí n mú rìsíìtì náà wá, kí n sì fi ìlà kan kún lẹ́tà mi pé kí wọ́n gbé e padà sí 2022. Ẹni ilé-ẹ̀kọ́ ti rí i nínú fáìlì 2023, ó ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ àárọ̀ ni màá bá lọ lọ́la.

---

Tíṣà Ẹ̀rìn-Ilé

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé ọ́fíìsì yẹn, ẹ bá mi béèrè ti Ọ̀ṣun.